Tòbí gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe: bí a ṣe rísẹ́ẹ̀tì ráútà ilé wọn

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Tòbí. Ilé wọn àti ilé tèmi dojú kọra ní Apẹ̀tẹ̀, n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ fóònù àti kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, nítorí náà tí ohunkóhun tó ń lo iná bá ti kọṣẹ́ nílé wọn, èmi ni wọ́n ń ké sí. Ní àárọ̀ Sátidé tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe wọlé, ọmọ náà jókòó sórí àpótí, ó gbé ráútà lé itan bí ẹni gbé ọmọ ìkókó. Ìyá rẹ̀ dúró tì í, ó káwọ́ lérí.

"Bọ̀dá Wálé, ẹ bá mi bi í," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo wa síta, kò sì mọ ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí."

Àwọn ọmọ ilé kejì ló fa ọ̀rọ̀. Wọ́n ti mọ páásíwọ́ọ̀dù Wáífáì wọn, wọ́n ń fi wo bọ́ọ̀lù, dátà ọ̀sẹ̀ kan kì í ju ọjọ́ mẹ́ta lọ mọ́. Lálẹ́ Fráídè, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, Tòbí gba fóònù ìyá rẹ̀, ó wọ inú ráútà, ó yí páásíwọ́ọ̀dù padà. Kò fi mọ níbẹ̀. Ó tún yí èyí tí wọ́n fi ń wọ inú ráútà gan-an padà, kí ẹnikẹ́ni má bàa tú iṣẹ́ rẹ̀ ká. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, láptọ́ọ̀pù Bùsọ́lá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí wọ́n fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé, bẹ́ẹ̀ kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá. Bàbá wọn náà ti mú síìmù tuntun bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ó ní kí wọ́n fi rọ́pò ti àtijọ́ tó wà nínú ráútà. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù.

Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tí ẹ gbàgbé

Tí ẹnikẹ́ni bá ní òun gbàgbé páásíwọ́ọ̀dù ráútà, ohun tí mo máa ń bi í ni pé, "Èwo nínú méjèèjì?" Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé méjì ni. Ọ̀kan ni ti Wáífáì, èyí tí fóònù ń bèèrè kó tó rí íńtánẹ́ẹ̀tì lò. Kọ́kọ́rọ́ géètì nìyẹn. Èkejì ni ti ojú ìwé ìṣàkóso, níbi tí a ti ń yí orúkọ Wáífáì, ètò síìmù àti ohun gbogbo padà. Kọ́kọ́rọ́ yàrá onílé nìyí. Ẹni tó wà nínú ọgbà lè má rí yàrá wọ̀.

Ìdí tí mo fi ń béèrè ni pé ti géètì ṣeé wá rí láìfọwọ́ kan ráútà rárá, níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ kan ṣoṣo bá ṣì wà lórí Wáífáì náà tàbí tó bá rántí rẹ̀. Ti yàrá kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá sọnù lápá ibẹ̀, rísẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń kù. Tòbí gbàgbé méjèèjì, nítorí náà a gba ọ̀nà méjèèjì.

Géètì: ẹ wá ẹ̀rọ tó ṣì wà nínú

Fóònù Tòbí fúnra rẹ̀ ṣì wà lórí Wáífáì, nítorí òun ló kọ́kọ́ so mọ́ ọn lẹ́yìn tó yí i padà tán. Lórí Áńdírọ́ìdì, láti ẹ̀yà 10 wá sókè, ẹ lọ sí ètò fóònù, ẹ tẹ orúkọ Wáífáì tí ẹ wà lórí rẹ̀, ẹ ó rí Share. Yóò ní kí ẹ fi ìka tàbí nọ́ńbà ìṣífóònù jẹ́rìí, lẹ́yìn náà yóò gbé àwòrán QR jáde. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, páásíwọ́ọ̀dù náà máa ń wà lábẹ́ àwòrán yẹn ní kedere. Lórí áífóònù tó ní iOS 16 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ tẹ ìlà páásíwọ́ọ̀dù lábẹ́ orúkọ Wáífáì náà, yóò fi hàn yín. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù Wíńdòòsì ló ti wọlé rí, ẹ ṣí Command Prompt, ojú ìwé tí a ń tẹ àṣẹ sí, kí ẹ tẹ èyí, kí ẹ fi orúkọ Wáífáì tiyín rọ́pò eléyìí:

```
netsh wlan show profile name="Ile Adisa" key=clear
```

Páásíwọ́ọ̀dù náà wà níwájú Key Content. Àmọ́ láptọ́ọ̀pù Bùsọ́lá ti àtijọ́ ló rántí, kò lè sọ ohun tí wọn kò fún un.

Fóònù Tòbí gbé páásíwọ́ọ̀dù jáde: Adalu-elepo. Bùsọ́lá tẹ̀ ẹ́ sínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Ó kọ̀. Ó tún un tẹ̀ ní lẹ́tà kékeré. Ó kọ̀. Ìyá wọn ní ẹ̀wà ni kì í jẹ́ kí ọmọ yìí ronú. Mo fi kámẹ́rà fóònù tèmi wo QR náà, fóònù mi sì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló yà mí lẹ́nu: QR mọ ohun kan tí ojú wa kò rí.

Ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú QR Wáífáì, ẹ lè fi áàpù tó ń ka QR kà á bí ẹni ka àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tí a kà nìyí:

```
WIFI:T:WPA;S:Ile Adisa;P:Adalu-elepo ;;
```

Ẹ wo ẹ̀yìn lẹ́tà o tó kẹ́yìn, kó tó kan àmì méjì yẹn. Àlàfo kan wà níbẹ̀. Nígbà tí Tòbí ń tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, kíbọ́ọ̀dù fóònù dá ọ̀rọ̀ náà lábàá fún un, ó tẹ àbá náà, kíbọ́ọ̀dù sì fi àlàfo kún ẹ̀yìn rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe sí ọ̀rọ̀ gbogbo. Àlàfo jẹ́ lẹ́tà gidi lójú Wáífáì. Ráútà gbà á, ó fi pa mọ́. Tòbí fúnra rẹ̀ ì bá má rí Wáífáì wọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí kì í bá ṣe pé àbá kan náà ló tẹ̀ nígbà tó ń so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn. Bùsọ́lá fi àlàfo kan kún ẹ̀yìn, láptọ́ọ̀pù wọlé. Tó bá jẹ́ ti géètì nìkan ni, ibẹ̀ ni ǹ bá ti máa lọ sílé.

Yàrá: ibi tí rísẹ́ẹ̀tì ti di dandan

Bàbá wọn yọ síìmù àtijọ́, ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Iná íńtánẹ́ẹ̀tì ráútà di pupa, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n ra ráútà náà, òun fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ kọ APN síìmù àtijọ́ sínú rẹ̀. APN ni orúkọ ẹnu ọ̀nà tí síìmù ń gbà dé íńtánẹ́ẹ̀tì, kálukú ilé iṣẹ́ ló sì ní tirẹ̀. Ti MTN ní Nàìjíríà ni web.gprs.mtnnigeria.net, ti Airtel ni internet.ng.airtel.com. Ráútà tí wọ́n bá fọwọ́ kọ ọ̀kan sínú rẹ̀ á máa kan ilẹ̀kùn àtijọ́ náà ni títí wọn ó fi yí i padà, ojú ìwé ìṣàkóso nìkan ni wọ́n sì ti lè yí i.

Láti dé ojú ìwé yẹn, ẹ má ṣe méfò àdírẹ́sì. Nínú àlàyé Wáífáì lórí fóònù, ẹ wá nọ́ńbà tó wà níwájú Gateway tàbí Router. Lórí Wíńdòòsì, àṣẹ ipconfig yóò sọ ọ́ níwájú Default Gateway. Tiwọn jẹ́ 192.168.1.1. Ẹlòmíràn a jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.8.1. Ibi tí a ń tẹ àdírẹ́sì sí lókè búráúsà ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí, kì í ṣe inú àpótí ìwádìí.

Ojú ìwé ṣí, ó ní kí a fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé. Tòbí ní Adalu-elepo náà ni. Kì í ṣe òun. Ó wá rántí pé ráútà kọ èyí tó kọ́kọ́ mú wá lálẹ́ náà, ó ní àfi kí nọ́ńbà àti àmì wà níbẹ̀. Ó fi nǹkan kún un. Kí ló fi kún un? Ó wo òkè àjà.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ máa dánwò títí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹ bá ti ṣì í tẹ̀, ọ̀pọ̀ ráútà máa ń ti ojú ìwé náà pa fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà bí ẹ tilẹ̀ tẹ èyí tó tọ̀nà, kò ní gbà. Ibi méjì péré ló yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni páásíwọ́ọ̀dù tí búráúsà pa mọ́ lórí fóònù tí wọ́n fi yí i padà, ẹ wá 192.168 láàárín wọn. Èkejì ni bébà tó lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ ráútà, bóyá èyí tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ kò tíì yí padà. A wo fóònù ìyá Tòbí, kò sí nǹkan. Nígbà tí búráúsà béèrè lálẹ́ bóyá kí òun pa á mọ́, Tòbí ní rárá. Ọmọ tó ń ṣọ́ àṣírí ni.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ihò yẹn

Rísẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí kí a pa ráútà kí a tún tàn án. Tí ẹ bá pa á nígbà ọgọ́rùn-ún, gbogbo ètò rẹ̀ ló ṣì wà níbẹ̀. Rísẹ́ẹ̀tì ló ń dá a padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó ti inú páálí jáde: orúkọ Wáífáì, páásíwọ́ọ̀dù méjèèjì, APN tí ẹ kọ sí i, fóònù tí ẹ dínà mọ́, gbogbo rẹ̀ á pa rẹ́. Dátà tí ẹ rà sórí síìmù kò ní lọ, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ni síìmù ló wà, kò sí nínú ráútà. Bákan náà ni PIN síìmù, tó bá ní. Rísẹ́ẹ̀tì kò ní yọ ọ́, tí ẹ bá sì ṣì í tẹ̀ nígbà mẹ́ta, síìmù á ti ara rẹ̀ pa, á máa béèrè PUK, nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ síìmù fi ń ṣí i.

Ẹ ya bébà ìsàlẹ̀ ráútà ní fọ́tò nísinsìnyí, kí ẹ fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù. Páásíwọ́ọ̀dù tó wà níbẹ̀ ni yóò padà di ti géètì yín láìpẹ́. Lẹ́tà tirẹ̀ kéré, ooru a sì máa pa á rẹ́. Òdo àti lẹ́tà O máa ń jọra, nọ́ńbà 1 àti lẹ́tà l náà máa ń jọra. Tí bébà bá ti parẹ́ pátápátá, ẹ wá okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá fi so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà, ẹ ó dé ojú ìwé ìṣàkóso láìbá Wáífáì dá nǹkan pọ̀.

Ọ̀kan wà tí mo máa ń fọwọ́ síwájú rẹ̀ dúró: tó bá jẹ́ okùn fáíbà ló wọ inú àpótí náà, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó wá so ó fún yín ti kọ orúkọ ìwọlé àti ètò ìlà yín sínú rẹ̀. Tí ìyẹn bá parẹ́, ẹ lè wà láìní íńtánẹ́ẹ̀tì títí wọn ó fi rán èèyàn wá. Àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ráútà onísíìmù bíi ti ilé Tòbí kò ní ìṣòro yìí.

Títẹ̀ ẹ́

Ráútà gbọ́dọ̀ wà lórí iná, kó sì ti jí tán. Tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú méjì, torí àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá tẹ ihò yẹn mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jí lọ́wọ́, ibi tí wọ́n ti ń gba sọ́fítíwíà tuntun ni wọ́n máa lọ, ẹ ó sì rò pé ó ti bàjẹ́. Ẹ má sì ṣe é nígbà tí iná ń ṣe ségesège. Lọ́jọ́ náà, ìyá Tòbí ní kí n yára kí wọ́n má bàa mú iná. Mo ní kí wọ́n fà á kúrò lára iná ìta, kí wọ́n ti í bọ ìnfátà.

Ihò náà kò tóbi, Reset ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irin tí wọ́n fi ń yọ síìmù fóònù ló dára jù. Ẹ má lo igi ìtayín, ó lè kán sínú ihò. Lórí àwọn ráútà kan, bọ́tìnnì kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ rísẹ́ẹ̀tì àti WPS, èyí tó ń so ẹ̀rọ mọ́ Wáífáì láìtẹ páásíwọ́ọ̀dù, iye àkókò tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ló sì yà wọ́n sọ́tọ̀.

Mo fún Tòbí ní irin náà. Ó tì í bọ ihò, mo ní kó má tíì kà títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi gbọ́ "tá" kékeré kan. Ó gbọ́ ọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, nígbà tó sì dé márùn-ún, iná kan ṣẹ́jú, ẹ̀rù bà á, ó fa irin yọ. Ráútà kú, ó tún jí. Inú rẹ̀ dùn. Mo ní kó wo orúkọ Wáífáì lórí fóònù rẹ̀. Ile Adisa ṣì ni.

Ibí yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn, torí òun ni ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Kì í ṣe iná tó kú tó tún tàn ló ń fi hàn pé rísẹ́ẹ̀tì ṣẹlẹ̀. Orúkọ ni. Tí orúkọ Wáífáì bá ti padà di èyí tó wà lórí bébà ìsàlẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀. Tó bá ṣì jẹ́ tiyín, ẹ ti yọ ọwọ́ kí àkókò tó pé nìyẹn.

Ó tún un ṣe. Lọ́tẹ̀ yìí èmi ni mò ń kà, mo kà á jẹ́jẹ́ dé 10, gbogbo iná ṣẹ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo ní kó yọ ọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan okùn iná fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí a tún wò ó, Ile Adisa ti lọ, orúkọ gígùn kan tó kún fún nọ́ńbà ti rọ́pò rẹ̀.

Ètò tuntun, kí ẹ tò ó báyìí

Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ráútà so fóònù mọ́ Wáífáì tuntun náà, kí ẹ sì pa dátà fóònù yín. Tí ẹ kò bá pa á, fóònù á rí i pé Wáífáì yìí kò tíì ní íńtánẹ́ẹ̀tì, á yọ́ padà sórí dátà tirẹ̀, ojú ìwé ìṣàkóso kò sì ní ṣí. Ìdajì wákàtí ni mo ti rí tí ẹnì kan fi ń jà pẹ̀lú èyí.

Páásíwọ́ọ̀dù yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ní báyìí tí ráútà ti padà sí ti ilé iṣẹ́, ti àwọn mìíràn ṣì jẹ́ admin lórúkọ àti admin ní páásíwọ́ọ̀dù, èyí tí gbogbo ayé mọ̀; àwọn tuntun kì í jẹ́ kí ẹ kọjá àyàfi tí ẹ bá dá ọ̀kan sílẹ̀. Tẹ̀ lé e ni APN. Ti ilé Tòbí kò tiẹ̀ jẹ́ ká kọ nǹkan kan: bí APN tí wọ́n fọwọ́ kọ ti parẹ́, ráútà dá síìmù tuntun mọ̀ fúnra rẹ̀, iná pupa di àwọ̀ ewé. Tí tiyín kò bá yí padà, ẹ fọwọ́ kọ ọ́.

Tí ẹ bá ti pa ẹ̀dà ètò àtijọ́ mọ́ sínú fáìlì rí, ẹ má ṣe sáré dá a padà. Lórí ọ̀pọ̀ ráútà, páásíwọ́ọ̀dù yàrá tí ẹ gbàgbé wà nínú fáìlì yẹn, ẹ ó kàn tún ti ilẹ̀kùn mọ́ ara yín síta ni.

Ti géètì ló kẹ́yìn. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 níbi ààbò. Lẹ́tà 8 sí 63 ni páásíwọ́ọ̀dù WPA2 ń gbà, àwọn lẹ́tà lásán tó wà lórí kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Àmì ohùn wa àti ẹ, ọ, ṣ alámì kò sí lára wọn. Ẹ kọ Yorùbá tó bá wù yín, ṣùgbọ́n kí orí rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹ tẹ àwòrán ojú kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ń tẹ̀, ẹ má tẹ àbá kíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì gbé àmì ìkọ̀wé dé ẹ̀yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn láti rí i pé kò sí àlàfo.

Tó bá jẹ́ pé ẹ mọ páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́, tí ẹ̀rọ mẹ́wàá sì wà nílé, orúkọ àtijọ́ àti páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ gan-an ni kí ẹ dá padà. Gbogbo wọn á wọlé fúnra wọn. Ẹ̀rọ mẹ́ta péré ló mọ ti Tòbí, a sì fẹ́ kí àlàfo yẹn lọ, nítorí náà orúkọ àtijọ́ la lò, a ṣe páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Ohun tí èyí ń fà ni pé àwọn ẹ̀rọ tó mọ orúkọ náà á máa gbé páásíwọ́ọ̀dù àtijọ́ lọ bá ráútà, ráútà á máa kọ̀. Ẹ tẹ orúkọ náà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹ yan Forget, kí ẹ wá so wọ́n mọ́ ọn ní tuntun.

Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méje ni Bùsọ́lá wọ kíláàsì. Mo ní kí Tòbí kọ páásíwọ́ọ̀dù méjèèjì sórí bébà, kó kọ "géètì" àti "yàrá" síwájú wọn, kó sì gbé e fún ìyá rẹ̀ láti tọ́jú sínú àpótí aṣọ. Ìyá rẹ̀ gbà á, ó mú un jìnnà sójú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ti géètì sókè, lẹ́tà kan lẹ́yìn ìkejì.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́!" Tòbí ti fò dìde. Àwọn ọmọ ilé kejì wà lábẹ́ fèrèsé, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀kan nínú wọn mú fóònù lọ́wọ́.